Ohun Tó Yẹ Kí Alásè Béèrè Kó Tó Dá Iye Lé Oúnjẹ Ìnáwó

Iṣẹ́ oúnjẹ sísè fún ìnáwó ni mo ń ṣe ní ìlú Jọ́ọ̀sì: yìgì, ìsọmọlórúkọ, wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéwú àti fídáù. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wáyé láàárín alásè àti oníbàárà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí oníbàárà bá pè é lórí fóònù, nítorí pé níbẹ̀ ni oúnjẹ ti ń tó tàbí kó má tó, kí ẹnikẹ́ni tó dá iná rárá. Bí ẹ bá jẹ́ alásè, ẹ ó rí ohun tí ẹ lè béèrè. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó ń múra ìnáwó, ẹ ó mọ ìdáhùn tó yẹ kí ẹ ti wá sílẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù.

Ní Jọ́ọ̀sì, orí fóònù ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ń gbà wọlé. Nígbà tí iṣẹ́ kùsà tánńganran gbilẹ̀ lórí òkè yìí ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá, tí ọkọ̀ ojú irin sì dé, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló wá síbí láti ṣòwò, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kọ́lé, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Lóde òní, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ti tàn ká Èkó, Àbújá, Ìlọrin àti òkè òkun, ṣùgbọ́n ilé bàbá wọn ṣì wà, àwọn àgbà ẹbí sì ṣì ń gbé inú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá fẹ́ lọ́kọ, ilé bàbá àgbà ní Jọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń so yìgì rẹ̀ sí, ìyá rẹ̀ yóò sì ti Èkó wá alásè lórí fóònù. Alásè kò rí ojú rẹ̀, kò rí ilé rẹ̀, kò sì mọ ẹni tó jókòó tì í. Ohun tó bá gbọ́ nìkan ni yóò fi ṣe ìṣirò.

Ohun mẹ́ta ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ sọ: iye ènìyàn, ọjọ́ ìnáwó, àti pé owó kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Irọ́ kọ́ ni ó ń pa. Ṣùgbọ́n nínú iye ènìyàn tó dá, ó ti gbàgbé àwọn kan. Ọjọ́ tó dá jẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnu àkọ́kọ́ yóò jẹun. Owó tó dá sì jẹ́ owó ìnájà, èyí tí Yorùbá kọ̀ọ̀kan máa ń kọ́kọ́ pè kí ẹni kejì lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ alásè ni láti fi sùúrù rọra kọjá ohun mẹ́ta wọ̀nyí, kó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ètò tí mo ń tẹ̀lé ni pé mo máa ń béèrè ìdí ìnáwó ṣáájú, lẹ́yìn náà àwọn tí yóò jẹun, lẹ́yìn náà àkókò, owó ni mo sì máa ń fi kẹ́yìn. Bí alásè bá fi owó ṣáájú, ìnájà ló bẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹnu oníbàárà yóò sì dì sí iye tó bá kọ́kọ́ pè; kò ní fẹ́ kúrò lórí rẹ̀ mọ́, nítorí pé ojú yóò tì í. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn àlejò àti oúnjẹ wọn tán, òun fúnra rẹ̀ yóò ti rí i pé iye tó ní lọ́kàn kò bá ohun tó fẹ́ mu, yóò sì sọ òtítọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi agbára bi í.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìyá kan pè mí láti Èkó nípa yìgì ọmọ rẹ̀ tí wọn yóò so ní Jọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kejìlá. Ó ti yọ̀ǹda kí n sọ ọ́ láìdárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti kí ara wa, tí mo sì ti bá a yọ̀ fún ọmọ, ó ní, “Àlàájà, ènìyàn 300 ni, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ₦500,000 ló sì wà nílẹ̀. Èló ni ẹ máa gbà?” Bí mo bá fi 300 pín ₦500,000, yóò fún mi ní nǹkan bíi ₦1,670 fún àwo kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò náà dùn, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n n kò dá a lóhùn sí i. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, n kò tíì lè pe iye kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè díẹ̀ ná.”

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: “Ìnáwó tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn nínú ẹbí yín, kí ló dára níbẹ̀, kí ni kò sì dára?” Ìbéèrè yìí máa ń wúlò ju kí n béèrè pé irú oúnjẹ wo ni wọ́n fẹ́. Bí mo bá bi wọ́n ní irú oúnjẹ, wọn yóò ka orúkọ oúnjẹ fún mi láti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù títí dé ẹja tútù, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí, ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn ni wọn yóò sọ. Ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó ní nígbà ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, wọ́n pa odidi màlúù, síbẹ̀ ẹran tán kí oúnjẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àna tó jókòó lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán nínú ẹbí.

Gbólóhùn kan yìí ló sọ ìdí ìnáwó náà fún mi. Ohun tó ń wá kọ́ ni kí oúnjẹ pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ohun tó ń wá ni pé kí àlejò kankan má ṣe jẹun láìrí ẹran, pàápàá jù lọ àwọn àna. Mo wá bi í láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: “Bí gbogbo nǹkan mìíràn bá kù díẹ̀ káàtó, kí ni ohun kan tí kò gbọdọ̀ kù?” Ó ní, “Kí àwọn ará ọkọ ọmọ mi jẹun yó, kí ẹran sì wà lórí oúnjẹ wọn.” Láti ìgbà yẹn, mo mọ ibi tí mo lè dín owó kù àti ibi tí n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn èyí ni mo béèrè nípa àwọn tí yóò jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ènìyàn 200, 300 tàbí 500, ẹ mọ̀ pé kò kà wọ́n. Ó fojú dá a ni. Iye tí a kà kì í sábà gún régé bẹ́ẹ̀. Kàkà kí n jiyàn nípa 300 náà, mo máa ń béèrè àwọn nǹkan tó ṣeé kà. “Aṣọ ẹbí mélòó ni ẹ ti pín?” Ó ní 140. “Báwo ni àwọn ará ọkọ ṣe ń bọ̀?” Ó ní láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bọ́ọ̀sì elérò 18 méjì ni wọ́n sì gbà. Ìyẹn jẹ́ 36. “Àwọn ará àdúgbò ilé bàbá yín àti àwọn tí yóò bá Lèmọ́mù wá ńkọ́?” Ó ronú díẹ̀, ó ní wọn yóò tó 100. “Àwọn ọmọdé ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò ka ọmọdé rárá. A jọ fi wọ́n sí 60. Mo fi 14 kún un fún àwọn tó ń sè, àwọn tó ń gbé oúnjẹ àti àwọn awakọ̀ tí kò sí nínú àwọn bọ́ọ̀sì náà. Àpapọ̀ rẹ̀ di 350. Nínú àwọn 350 yìí, àgbà jẹ́ 290.

Ẹ kíyè sí i pé n kò sọ fún un pé iye rẹ̀ kò tọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á fún mi, ó sì rí i. Bí oníbàárà bá fúnra rẹ̀ rí i pé àwọn àlejò pọ̀ ju bí òun ti rò lọ, kò ní rò pé alásè fẹ́ fi iye ènìyàn gba owó lọ́wọ́ òun.

Ìbéèrè kẹta jẹ́ nípa àkókò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. N kì í béèrè pé, “Ọjọ́ wo ni ìnáwó?” nítorí pé oníbàárà ti sọ ọ́. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, “Ta ni yóò kọ́kọ́ jẹun, ọjọ́ wo, àti ní wákàtí wo?” Ìyá náà ní lẹ́yìn ìrun Àyílà ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní, “Àwọn tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́, ìgbà wo ni wọn yóò dé?” Ó dákẹ́. Ìrìn-àjò odidi ọjọ́ kan ni. Bí wọ́n bá gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀, ilẹ̀ yóò ti ṣú kí wọ́n tó wọ Jọ́ọ̀sì. Àwọn àna tó fẹ́ tọ́jú ju gbogbo ènìyàn lọ yóò dé ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ebi, nígbà tí oúnjẹ tí òun fẹ́ sanwó rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ní tútù. Wọn yóò sì tún gbéra padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Báyìí ni oúnjẹ ìgbà kan ṣe di ìgbà mẹ́ta: àwo 36 ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, 350 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti 36 tí a ó dì fún wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwo 422, ọjọ́ tí iná gbọ́dọ̀ jó sì di ọjọ́ Jímọ̀.

Láti ibi tí ẹnu àkọ́kọ́ ti jẹun ni alásè ti ń kà á padà sẹ́yìn. Ní ìlú wa, kíkà yìí nílò àyè ju bó ṣe rí ní Èkó lọ. Jọ́ọ̀sì ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200. Ní ibi gíga báyìí, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, omi sì máa ń hó kí ó tó gbóná tó bó ti yẹ: ní Èkó, omi máa ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n níbí, ní nǹkan bíi 96 ló ti ń hó. Bí ẹ tilẹ̀ fi igi kún iná, omi náà kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà àti ẹran fi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rọ̀ níbí, tí àwọn alásè tó bá ti Èkó wá sì máa ń rò pé ẹ̀wà wa ló le. Oṣù kejìlá tún jẹ́ ìgbà ọyẹ́. Oúnjẹ tí a bá bù sí àwo yóò ti tutù kí àdúrà tó parí. Nítorí náà mo béèrè pé, “Ṣé inú gbọ̀ngàn ni wọn yóò ti jẹun tàbí ìta gbangba?” Ó ní ìta ni, lábẹ́ àtíbàbà. Èyí túmọ̀ sí pé inú kúlà ni oúnjẹ yóò wà títí di ìgbà tí a ó bù ú, owó kúlà tí a ó yá sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò.

A wá kà á padà. Kí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó lè wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ẹran gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Kí alápatà tó gbé e wá, ó gbọ́dọ̀ ti gba owó lọ́jọ́ Àlàmísì. Tòmátì àti ata tí mo ń rà ní ọjà Fàrín Gádà gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ Àlàmísì náà. Ìrẹsì, òróró àti ẹ̀wà sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Àlàrùba. Nítorí náà, gbèdéke oníbàárà kì í ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàrùba ni owó gbọ́dọ̀ dé, ọjọ́ náà sì ni iye ènìyàn kò gbọdọ̀ yí padà mọ́. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, mo sì bi í pé ṣé ó ṣeé ṣe.

Ìbéèrè kan tún wà lórí àkókò tí ẹnikẹ́ni tó bá ń sè ní Jọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ fo: “Bí ìlú kò bá ṣeé rìn ní ọjọ́ náà, kí ni a ó ṣe?” Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn arìnrìn-àjò ní ọ̀nà Rúkúbà, ìjọba fi òfin kónílé-ó-gbélé oníwákàtí 24 lé apá àríwá Jọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe ìgbà kan ṣoṣo ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ti dé ìlú wa. Ó dára kí a ti fẹnu kò lórí fóònù pé owó ohun tó lè bàjẹ́, irú bíi ẹran àti tòmátì, kò ní padà, ṣùgbọ́n ìrẹsì, òróró àti ẹ̀wà yóò dúró de ọjọ́ mìíràn. Bí a kò bá sọ ọ́ ṣáájú, ìjà ni yóò dà.

Nígbà náà ni mo tó dé orí owó. N kò bi í pé, “Ṣé ₦500,000 ni gbogbo owó yín?” Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dà bí ìwádìí ọlọ́pàá. Mo ní, “Àwọn wo ni ẹ jọ ń dá owó oúnjẹ yìí, ìgbà wo sì ni ti kálukú yóò dé?” Ẹni tó bá ń dá ná ìnáwó kò wọ́pọ̀ láàárín wa, owó oúnjẹ sábà máa ń ti ọ̀nà bíi mẹ́ta wá. Ìyá náà ní ₦350,000 wà lọ́wọ́ òun. Ó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ òun yóò yá òun ní ₦200,000, wọ́n ti fọwọ́ sí i, yóò sì jáde ní ọjọ́ Àtàláátà ọ̀sẹ̀ ìnáwó. Ẹ̀gbọ́n òun tó wà lókè òkun sì ti ṣèlérí ₦250,000, ṣùgbọ́n kò dá ọjọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦800,000, ó sì yàtọ̀ gidigidi sí ₦500,000 tó kọ́kọ́ pè.

Ẹ má ṣe rò pé ₦800,000 yìí wá ni owó tòótọ́. Mo máa ń pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó wà lọ́wọ́, èyí tó ní ọjọ́, àti èyí tó jẹ́ ìlérí. Méjì àkọ́kọ́ nìkan ni mo fi ń se oúnjẹ. Ní ti ìyá yìí, wọ́n jẹ́ ₦550,000, nítorí pé ọjọ́ Àtàláátà ṣáájú ọjọ́ Àlàrùba. Bí a bá fi àwo 422 pín in, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦1,300 fún àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ₦1,670 ni ìṣirò àkọ́kọ́ fún wa. Alásè tó bá fi ₦1,670 gbé ètò kalẹ̀ yóò ra nǹkan fún àwo tó dára ju owó lọ, oúnjẹ yóò sì tán nígbà tí àwọn tó wà lẹ́yìn kò tíì jẹ. Bí owó ẹ̀gbọ́n bá dé, àwo kọ̀ọ̀kan yóò di nǹkan bíi ₦1,900. Nítorí náà, mo bi í pé, “Bí owó ẹ̀gbọ́n yín bá dé, kí ni ẹ fẹ́ kí a fi kún un, ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé?” Ó ní mọ́ínmọ́ín ṣáájú, lẹ́yìn náà èso, lẹ́yìn náà sóbò. Àwọn ohun tí a lè rà ní ọjọ́ Àlàmísì láìda ètò rú ni mo jẹ́ kó mú.

Ibi tí ìdí ìnáwó ti wúlò jù nìyí. Nítorí pé ẹran ni ohun tí kò gbọdọ̀ kù, mo kà á ní ègé. Àgbà 290 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ègé méjì-méjì, jẹ́ 580. Ọmọdé 60, ègé kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 60. Àwo 72 ti àwọn àna ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àti òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú jẹ́ 144. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ègé 784. Bí ègé kọ̀ọ̀kan bá wọn gíráàmù 75 ní tútù, tí yóò sì súnkì sí nǹkan bíi 50 bó bá jinná, kílò 60 ẹran tí kò ní eegun ni a nílò. Ìyá náà ti ní i lọ́kàn láti ra màlúù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹbí wọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n màlúù ní eegun, ó ní orí, ó ní ẹsẹ̀, ó sì ní àwọn tí ẹbí máa ń pín fún kí ó tó dé ìdí ààrò. Ìdí nìyẹn tí odidi màlúù fi lè tán kó má dé ọ̀dọ̀ àna. Nígbà tó gbọ́ ègé 784, ó gbà pé kí a ra ẹran ní kílò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, àwọn alásè púpọ̀ sì máa ń gbàgbé rẹ̀: “Ta ni ẹ ó jábọ̀ fún kí ọ̀rọ̀ yìí tó dúró?” Nígbà mìíràn, ẹni tó pè kì í ṣe ẹni tó ń pinnu, wọ́n rán an láti béèrè iye lọ́wọ́ alásè márùn-ún ni. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí kò bá lè dáhùn nípa aṣọ ẹbí àti àwọn àna, tó sì ń padà sórí iye owó ṣáá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a jà, ẹ má sì dá a dúró pẹ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ bá ẹni tó rán an sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ sọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ sì fi í síbẹ̀. Ti ìyá yìí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí ní Jọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo bá bàbá náà sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì, mo pè é ní Bàbá Àlàájì, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ màlúù fún un kó má baà dà bí ẹni pé a fojú tín-ín-rín àṣà rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó ní kí n fi ẹran ìdí ẹbí sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílò 60 náà, òun yóò sì sanwó rẹ̀.

Àwọn gbólóhùn kan wà tó yẹ kí etí alásè ṣí sí. Bí oníbàárà bá ní, “Owó kì í ṣe ìṣòro,” ó sábà máa ń jẹ́ pé owó náà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò tíì gbọ́. Bí ó bá ní, “Ẹ ṣáà ṣe é kó dára,” kò tíì mọ ohun tó fẹ́, a sì gbọ́dọ̀ padà sórí ìnáwó tó ṣe gbẹ̀yìn. Àwọn kan náà wà tí ìbéèrè kò lè ràn lọ́wọ́: ẹni tí ìnáwó rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, tàbí ẹni tí òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fún. Olóòótọ́ alásè kò ní da ìbéèrè méjìlá bo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Iye ènìyàn, wákàtí, àti ẹni tó mú owó dání ni yóò béèrè, yóò sì se ohun tí ọjà bá fún un.

N kì í pe iye lórí fóònù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ka ohun tí ìyá náà sọ padà fún un, mo ní kó jẹ́ kí n ṣe ìṣirò, mo sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i ní alẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, báyìí pé: “Àwo 36 lẹ́yìn Ìṣáì ọjọ́ Jímọ̀, 350 lẹ́yìn Àyílà ọjọ́ Àbámẹ́ta, 36 ní dídì fún òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹran ègé méjì fún àgbà, ọ̀kan fún ọmọdé. ₦550,000, yóò pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàrùba. Iye ènìyàn kò ní yí padà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Owó tó bá tún dé: mọ́ínmọ́ín, èso, sóbò.” Òfin òwò tí àwọn àáfà ń kọ́ wa náà nìyẹn, pé ẹni tó bá gba owó ohun tí kò tíì sí nílẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Owó alájẹṣẹ́kù jáde ní ọjọ́ Àtàláátà bí wọ́n ti sọ. Ti ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, ṣùgbọ́n ₦100,000 ni, kì í ṣe ₦250,000. A fi ṣe mọ́ínmọ́ín, a ra èso díẹ̀, sóbò kò sì sí. Àwọn bọ́ọ̀sì láti Ògbómọ̀ṣọ́ wọlé lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nínú ọyẹ́, oúnjẹ gbígbóná sì wà nínú kúlà dè wọ́n. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn àna tó jókòó lẹ́yìn pátápátá rí ẹran. Kò sí ẹni tó béèrè sóbò.